Bùtá mi ń là ní ìdí ọwọ́, nọ́ḿbà 2 kan náà sì ni mo lọ̀ pọ̀

Alábùtá_Gánmọ̀
Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Gánmọ̀ ni mo wà, bùtá àlùwàlá onírọ́bà ni mò ń fi ẹ̀rọ fẹ́. Tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n ti lọ̀ nìkan ni mò ń lò. Láti ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì ti gbówó lórí, mo ń fi abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fọ́ ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Nọ́ḿbà 2 ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ni páìpù rọ́bà gbígbóná tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ bá ń ṣàn sílẹ̀ bí ògì kí móòdù tó pa dé. Mo sọ iná kalẹ̀ láti 190 dígírì sí 165, ó sì dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, bùtá á ti là ní ìdí ọwọ́. Kí ló ń ṣe é?

Ọmọ_Ọjà_Ìpàtà
Alhaji, ẹfun ni. Àwọn tó ń lọ rọ́bà tà máa ń da ẹfun sí i kó lè tẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti ṣe é fún èmi náà rí, àga ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Ẹ da kóró díẹ̀ sínú omi. Tó bá rì, ẹfun ti pọ̀ nínú ẹ̀.

Alábùtá_Gánmọ̀
Mo ti da á sómi báyìí, gbogbo ẹ̀ ló léfòó. Èmi fúnra mi ni mo sì ra abọ́ yẹn ní fífọ́ kí n tó gbé e lọ lọ̀. Kò sí ẹfun níbẹ̀.

Ẹ̀rọ_Kì_Í_Ṣàárẹ̀
Omù-Àrán ni mo ti ń kí yín. Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Rọ́bà tí iná bá ti kọjá lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, okùn inú ẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́. Okùn tó bá kúrú kò lágbára. Ẹ lọ ra rọ́bà tuntun tí MFI rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bó ṣe ń ṣàn, kéré jù lọ lọ́jà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 0.05, gbogbo wàhálà yìí á tán. Bí okùn bá ṣe gùn tó ló ṣe dára tó.

Àǹtí_Rọ́bà_Tankẹ
Alhaji, ẹ kú iṣẹ́. Kí iná tó kan rọ́bà yín rárá ni ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ḿbà 2 ń sọ irú rọ́bà tó jẹ́ ni, kò sọ bí okùn inú rẹ̀ ṣe gùn tó. Pọ́líẹ́tílíìnì ni kẹ́ẹ̀gì, òun náà ni abọ́. Kódà àbẹ́là tí ẹ ń tàn nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ìbátan wọn ni. Kábọ́ọ̀nù bí ogún sí ogójì ló so kọ́ra lórí okùn àbẹ́là kan, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ bí omi, tí ẹ sì lè fi èékánná họ ọ́. Okùn inú kẹ́ẹ̀gì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kábọ́ọ̀nù. Ohun kan náà ni wọ́n, gígùn ló yà wọ́n.

Ẹni tó se rọ́bà náà mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Rọ́bà abọ́ gbọ́dọ̀ sáré wọ gbogbo kọ̀rọ̀ móòdù kó tó dì, nítorí náà okùn kúkurú ni wọ́n fún un. Rọ́bà kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ lè so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láì já, okùn gígùn ni tirẹ̀. Lára àpò rọ́bà tuntun, ẹ máa rí MFI tí arákùnrin wa dárúkọ yẹn. Iye gíráàmù tó gba ihò kékeré kan jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní 190 dígírì, pẹ̀lú kílò 2.16 lórí rẹ̀. Ti kẹ́ẹ̀gì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 0.3. Ti abọ́ lè tó 8, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí okùn bá ti gùn débi tí wọ́n fi ń lọ́ mọ́ra, bí wọ́n ṣe ń gùn sí i kọ́ ni wọ́n ṣe ń ki sí i. Kíki ń sáré ju gígùn lọ. Ẹ sọ gígùn di ìlọ́po méjì, kíki á lé ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí, η ni kíki, Mw sì dúró fún gígùn okùn:

```
η ∝ Mw^3.4
```

Ẹ jẹ́ ká mú iye tó ṣeé ṣírò fún tiyín. Ká ní okùn kẹ́ẹ̀gì jẹ́ 200,000 lórí òṣùwọ̀n, ti abọ́ jẹ́ 70,000. Ẹ̀yin po méje mọ́ mẹ́ta:

```
0.7 × 200000 + 0.3 × 70000 = 161000
(161000 / 200000)^3.4 = 0.48
```

Ìdá kan péré nínú márùn-ún ni ẹ yọ lára gígùn. Ó lé ní ìdajì kíki tó bá a lọ. Páìpù yín kò lè ṣe kó má ṣàn.

Alábùtá_Gánmọ̀
Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ mo sọ iná kalẹ̀, ó sì dúró. Ṣé ìyẹn kò ti dípò ohun tó lọ ni?

Àǹtí_Rọ́bà_Tankẹ
Kò dípò ẹ̀. Kíki pọ́líẹ́tílíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti iná. Láti 190 sí 165, ohun tí ẹ rí gbà kò ju pé kó ki ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ẹ ti pàdánù ju ìdajì lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbèsè ṣì wà nílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ohun tí iná tútù ṣe sí ojú ìrán. Ẹ wo ìdí ọwọ́ bùtá yẹn: ibẹ̀ ni móòdù ti fún páìpù pọ̀ kí ojú méjì lè lẹ̀ mọ́ra. Kí wọ́n tó lẹ̀, okùn ti apá kan gbọ́dọ̀ rìn wọ apá kejì kí wọ́n lọ́ mọ́ra, àsìkò àti ooru sì ni wọ́n fi ń rìn. Nígbà tí rọ́bà bá dé ibẹ̀ ní títutù, ojú á pa dé lóòótọ́, àmọ́ inú kò ní wọnú ara. Ẹ fi ọ̀bẹ gé bùtá kan lágbede méjì ní ojú ìrán. Tí ẹ bá rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun níbi tó yẹ kó jẹ́ ara kan, ọ̀ràn iná nìyẹn.

Mo tún ní ìbéèrè kan: níbi tó ti là, ṣé ó fà kó tó já? Ṣé ó funfun, ṣé ó ní iru? Àbí ó kàn là gbọnrangandan bí àwo tó fọ́?

Alábùtá_Gánmọ̀
Ó là ni. Kò funfun rárá. Etí ẹ̀ mọ́ tónítóní bíi pé wọ́n fi abẹ gé e. Mo gé méjì wò lójú ìrán. Ọ̀kan ní ilà yẹn, èkejì kò ní. Àwọn méjèèjì ló là.

Ìyá_Ọlọ́ràá_Òfà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ni mò ń fi ẹ̀rọ fẹ́ ní Òfà. Wọ́n tà rọ́bà tuntun kan fún mi lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, MFI ẹ̀ sì jẹ́ 1, bákan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé ó le, ẹ fà á títí kò já. Àmọ́ ara ọ̀rá ń rí ṣákiṣàki bí awọ ẹja, ẹ̀rọ sì ń ké, iná mànàmáná tó ń jẹ pọ̀ sí i. Tí gígùn okùn bá dọ́gba, ṣebí ó yẹ kó ṣàn bákan náà? Àbí wọ́n purọ́ nọ́ḿbà fún mi ni?

Ẹ̀rọ_Kì_Í_Ṣàárẹ̀
Ìyá wa, wọ́n purọ́ ni. MFI kan náà, rọ́bà kan náà. Ẹ dá a padà fún wọn.

Àǹtí_Rọ́bà_Tankẹ
Rárá o, ẹ má tíì bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ Ìyá Òfà àti ti Alhaji, ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n jọ fi ń ti ara wọn.

Kò sí rọ́bà tí gbogbo okùn rẹ̀ gùn bákan náà. Gígùn wà níbẹ̀, kúkurú wà níbẹ̀. Ẹ ronú sí iṣu. Ẹ ra iṣu mẹ́wàá: mẹ́sàn-án jẹ́ kílò kan kan, ọ̀kan tó kù jẹ́ kílò mẹ́fà. Àpapọ̀ jẹ́ kílò 15. Tí ẹ bá ka iṣu lórí-lórí, iṣu kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 1.5 ní àárín. Ó tán. Wàyí o, ẹ gé gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò kan, kí ẹ wá fi ọwọ́ mú èkìrí kan láì wò ó. Iṣu wo ló ti wá? Nítorí pé iṣu ńlá yẹn ní èkìrí púpọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ lọ́nà yẹn, àárín á di kílò 3. Iṣu kan náà, àárín méjì. Èyí tí a kà lórí-lórí la ń pè ní Mn, èyí tí a fi èkìrí wọ̀n ni Mw. Mw pín sí Mn níhìn-ín jẹ́ 2. Bí iye yẹn bá ṣe jìnnà sí 1 tó ni iṣu yín ṣe rí ràǹdànràndan tó.

Èkìrí ni kíki rọ́bà ń tẹ̀ lé, ìyẹn Mw. Okùn gígùn díẹ̀ tó láti mú kí ìkòkò odindi ki. MFI náà, Mw ló ń gbọ́. Nítorí náà rọ́bà méjì lè ní MFI 1, kí ọ̀kan jẹ́ okùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí èkejì jẹ́ gígùn àti kúkurú papọ̀.

Ìyá wa, ó dà bíi pé rọ́bà tuntun yín jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi kátálíìsì mẹ̀tálósíìnì, ìyẹn oògùn tó ń mú okùn so pọ̀, ṣe. Okùn ẹ̀ dọ́gba. Ó le nítorí pé kò sí kúkurú púpọ̀ nínú ẹ̀. Àmọ́ òṣùwọ̀n kílò 2.16 yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Inú ẹ̀rọ yín ń tì í kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà tó ní gígùn àti kúkurú máa ń rọ̀ bí ẹ bá ṣe ń tì í kíákíá, okùn gígùn ń nà, ó ń yọ̀. Èyí tó dọ́gba kì í fẹ́ rọ̀. Ló bá ń ké, ara ọ̀rá bá ń ya lẹ́nu dáì, ihò tó ti ń jáde. Ẹ po rọ́bà ọ̀rá àtijọ́ tó ní ẹ̀ka gígùn, ìyẹn LDPE, mọ́ ọn ní ìdá kan sí méjì nínú mẹ́wàá. Kí ẹ sì fi iná díẹ̀ kún ẹnu dáì. Tí awọ ẹja kò bá tán, ẹ ní láti la ihò dáì fẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ń náni lówó.

Ìyá_Ọlọ́ràá_Òfà
Ahàá. Oníṣòwò yẹn kò tiẹ̀ purọ́, ó kàn sọ ìlàjì ọ̀rọ̀ fún mi. Ó tún ṣẹlẹ̀ sí ewédú mi lánàá, mo jà á pẹ́ lórí iná, kò yọ̀ mọ́. Ṣé okùn ẹ̀ ló já?

Àǹtí_Rọ́bà_Tankẹ
Ẹ̀yin ìyá yìí! Bẹ́ẹ̀ ni o, jíjà á pẹ́ àti iná pẹ́ ń gé okùn inú ẹ̀.

Ẹ̀rọ_Kì_Í_Ṣàárẹ̀
Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò gbà. Iná ń gé okùn. Rọ́bà àlòtúnlò kò lè lágbára.

Àǹtí_Rọ́bà_Tankẹ
Àbúrò, òótọ́ ni fún pọ́lípírópílíìnì, nọ́ḿbà 5 yẹn. Bí ẹ bá ṣe ń yọ́ ọ léraléra ni okùn ẹ̀ ń já, MFI ẹ̀ á máa gòkè. Pọ́líẹ́tílíìnì kì í tẹ̀ lé òfin yẹn nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ rọ́bà kẹ́ẹ̀gì, kátálíìsì oníkírómíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ìparí okùn irú rẹ̀ ní ibi tó lè tún so mọ́ òmíràn. Nígbà tí ẹ bá tún un yọ́, àwọn okùn ẹ̀ lè so pọ̀, kó máa ki sí i dípò kó rọ̀. Mo ti rí kẹ́ẹ̀gì lílọ̀ tí MFI rẹ̀ relẹ̀ ju ti tuntun lọ. Ohun tó ń fi ibẹ̀ han ni kóró kéékèèké tí kò yọ́, tó ń hàn lára rọ́bà bí ojú ẹja. Nítorí náà ẹ má kàn sọ pé àlòtúnlò, ẹ sọ irú rọ́bà tó jẹ́.

Ẹ tún ní ká ra 0.05. Ẹ̀rọ Alhaji kò ní lè tì í. Láti 0.3 dé 0.05, kíki á di ìlọ́po mẹ́fà, mọ́tò ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ sunkún. Agbára rọ́bà pàápàá kò ní di ìlọ́po mẹ́fà. Nígbà tí okùn bá kúrú, díẹ̀ tí ẹ fi kún un ń hàn gbangba nínú agbára. Tó bá ti gùn dáadáa, ohun tí ẹ ń fi kún un kò ní hàn mọ́, ṣùgbọ́n kíki ń sáré lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó ń wá gígùn láìdúró, owó iná ló ń wá.

Alábùtá_Gánmọ̀
Ó ti ń yé mi. Àmọ́ bí Mw mi ṣì jẹ́ 161,000, ìyẹn kò kúrú, kí ló dé tó fi là gbọnrangandan báyẹn?

Àǹtí_Rọ́bà_Tankẹ
Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn. Nígbà tí pọ́líẹ́tílíìnì bá dì, okùn rẹ̀ ń ká ara wọn sí ìdì-ìdì bí igi ìdáná. Okùn gígùn lè bẹ̀rẹ̀ nínú ìdì kan, kó gba àárín jáde, kó tún wọ ìdì kejì àti ìkẹta. Òun ló so àwọn ìdì mọ́ra. Okùn kúkurú máa ń ká sínú ìdì kan tán, kò ní so ohunkóhun. Ó gbé àyè, kò ṣiṣẹ́ ìdè.

Tí ẹ bá fa rọ́bà lójijì, ẹ lè má rí ìyàtọ̀. Bùtá kì í gba fífà lójijì. Omi lítà méjì ń so mọ́ ọwọ́ ẹ̀ lójoojúmọ́, ní jẹ́ẹ́jẹ́. Níbi tí okùn ìdè kò pọ̀, àwọn ìdì ń rọra yà kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀, láìfà, láìfunfun. Ọjọ́ tí ojú á rí i, ó ti là. Ìyẹn ni etí tó mọ́ tónítóní tí ẹ rí.

Mw 161,000 yẹn ń fi èkìrí iṣu ńlá bo iṣu kékeré mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá kà á lórí-lórí, okùn abọ́ pọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ dáadáa, nítorí pé kílò kan okùn kúkurú ní okùn púpọ̀ ju kílò kan okùn gígùn lọ.

Ẹ̀rọ_Kì_Í_Ṣàárẹ̀
Àǹtí, mo gbà fún yín níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣàlàyé èyí fún mi. Páìpù omi dúdú tí wọ́n kọ PE100 sí lára, mo mọ̀ dájú pé gígùn àti kúkurú ni wọ́n pò pọ̀ nínú ẹ̀. Kò là. Ó ń wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àǹtí_Rọ́bà_Tankẹ
Ẹ ò jọ̀wọ́, ẹ ti mú mi níbi tó dára. Òótọ́ ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé nínú PE100, okùn gígùn ni wọ́n fi ẹ̀ka kékeré sí. Ẹ̀ka yẹn kì í jẹ́ kó ráyè ká sínú ìdì kan tán, ó gbọ́dọ̀ jáde lọ so mọ́ òmíràn. Okùn kúkurú ẹ̀ kò ní ẹ̀ka, ó wà fún líle àti ṣíṣàn. Láti inú ìkòkò tí wọ́n ti se é ni wọ́n ti ṣètò ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣètò tiwa, ọjà ló pò ó.

Ohun kan tún wà tí n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí láti ibi tí mo jókòó sí. Kíki kẹ́ẹ̀gì tó ìlọ́po márùnlélọ́gbọ̀n ti abọ́ lórí iye tí mo lò lókè yẹn. Ẹ gbìyànjú láti po iyán mọ́ ògì. Ẹ̀rọ kékeré tí irin tó ń yí nínú rẹ̀ kúrú lè má pò ó délẹ̀, kí okùn kúkurú ṣì wà lójú kan bí ìlà. Tó bá jẹ́ ìyẹn ló ń là, ìwọ̀n tí ẹ pò kọ́ lẹ̀bi, pípò ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ dá iná padà sí 190. Ẹ pò ó ní mẹ́sàn-án mọ́ ọ̀kan, nítorí pé ní ìwọ̀n yẹn ẹ kò ní pàdánù ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kíki lọ. Ẹ jẹ́ kí páìpù so rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá ogún láì pa móòdù dé, kí ẹ sì wọn bó ṣe fà gùn sí. Ẹ ṣe bákan náà fún kẹ́ẹ̀gì nìkan àti fún ìwọ̀n àtijọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá lára bùtá ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n nípọn bákan náà. Ẹ fi abẹ sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, ẹ so ó, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná díẹ̀ tí ẹ po ọṣẹ olómi sí. Ọṣẹ ń mú kí àwọn ìdì tètè yà. Ohun tí oṣù kan máa fi hàn yín, ó lè hàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fi ti láàbù wé e, àmọ́ ẹ lè fi wọ́n wé ara wọn.

Alábùtá_Gánmọ̀
*(ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà)*
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí páìpù ṣe rí nìyí, sẹ̀ǹtímítà 38 ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀: kẹ́ẹ̀gì nìkan fà dé 41, méje mọ́ mẹ́ta fà dé 52, mẹ́sàn-án mọ́ ọ̀kan dúró ní 43. Ojú ìrán ti mọ́, mo gé mẹ́rin wò, n kò rí ilà.

Nínú ọṣẹ: ní ọjọ́ kẹta, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìwọ̀n àtijọ́ ti là. Kẹ́ẹ̀gì nìkan, kò sí èyí tó là títí di òní. Mẹ́sàn-án mọ́ ọ̀kan, méjì ti là, ọ̀kan lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀kan lánàá. Mo wo èyí tó là lánàá dáadáa, àmì pupa kékeré kan wà níbẹ̀.

Ọmọ_Ọjà_Ìpàtà
Pupa? Ṣé ìdérí kẹ́ẹ̀gì yín kì í ṣe pupa? Ẹ̀yin lọ̀ ọ́ mọ́ ọn ni?

Alábùtá_Gánmọ̀
Subhanallah. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ kì í ṣí ìdérí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Àǹtí_Rọ́bà_Tankẹ
Ọ̀pọ̀ ìdérí jẹ́ nọ́ḿbà 5. Òun àti nọ́ḿbà 2 kì í wọnú ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń léfòó. Ọmọ Ọjà Ìpàtà, ẹ kò rí ẹfun, àmọ́ ojú yín mú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tó là lọ́jọ́ karùn-ún ńkọ́, Alhaji? Ṣé àmì pupa wà lára ìyẹn náà?

Alábùtá_Gánmọ̀
Rárá, ìyẹn mọ́. Mo ti ní kí wọ́n máa ṣí ìdérí kúrò. Lọ́jọ́ Ajé, màá tún gbé ègé mẹ́wàá míì sínú ọṣẹ.